Fọ́tò, Ọ̀dà Inú Túùbù àti Àwọn Afọ̀dàyàwòrán Faransé

Ọ̀rọ̀ mi dá lórí àwọn afọ̀dàyàwòrán ilẹ̀ Faransé tí à ń pè ní Impirẹ́ṣọ́nísìtì, àti ohun méjì tí ó yí iṣẹ́ wọn padà.

Èkíní ni fọ́tò. Ní ọdún 1839 ni a fi ọ̀nà tí Daguerre ń gbà ya fọ́tò han gbogbo ayé ní Paríìsì. Ṣáájú èyí, ẹni tí ó bá fẹ́ kí àrọ́mọdọ́mọ rẹ̀ mọ ojú òun, afọ̀dàyàwòrán ni yóò bẹ̀ lọ́wẹ̀. Fọ́tò gba oúnjẹ yìí lẹ́nu ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ṣùgbọ́n fọ́tò ìgbà náà kò mọ àwọ̀, ó sì lọ́ra. Nínú fọ́tò òpópónà kan tí Daguerre yà ní 1838, gbogbo ẹni tí ń rìn ni ó pòórá. Ẹni tí ó dúró kí a bá òun nu bàtà ni ó hàn.

Èkejì ni ọ̀dà. Inú àpò ìtọ̀ ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n ń di ọ̀dà olóròóró sí nígbà kan. Bí a bá ti lu ú, kò ṣe é dí dáadáa mọ́, ọ̀dà a sì gbẹ. Nígbà mìíràn àpò náà a bẹ́. Ní 1841 ni John Rand, ará Amẹ́ríkà tí ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù, gba ìwé àṣẹ fún túùbù tánńganran tí a lè fún kí ọ̀dà jáde, kí a sì tún dé e. Láti ìgbà náà ni ó ti rọrùn láti di oríṣiríṣi àwọ̀ sínú àpótí kan, kí a gbé e lọ sí etídò bí àgbẹ̀ ti ń gbé agbọ̀n lọ sí oko.

Ẹ jẹ́ kí a wo àwòrán òpópónà Capucines tí Claude Monet yà ní nǹkan bí 1873. Àwọn tí fọ́tò Daguerre pa rẹ́ ni Monet dá padà: ó fi ọ̀dà kán wọn tóótòòtó, tí a kò rí ojú ẹnikẹ́ni, síbẹ̀ a mọ̀ pé wọ́n ń rìn. Ní 1874 ni wọ́n pàtẹ rẹ̀ ní òpópónà yẹn gan-an, nínú ilé tí Nadar, ògbóǹtagí ayafọ́tò, ti ń ṣiṣẹ́ rí. Leroy, akọ̀wé ìròyìn kan, fi àwọn tóótòòtó náà ṣe yẹ̀yẹ́. Kò rí i pé ìrìn àti àwọ̀ ni Monet ń lépa.

Ṣùgbọ́n ọ̀dà náà kò ṣàì ní àléébù. Renoir fi pupa kan tí a ti ara kòkòrò mú jáde ya Ìyá Ààfin Clapisson ní 1883. Ìmọ́lẹ̀ ti jẹ pupa náà. Nígbà tí àwọn olùtọ́jú yọ férémù rẹ̀, etí tí igi ti bò ṣì pọ́n rokoṣo. Bí ẹ bá dé ibi àwòrán àtijọ́, etí rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, kí ẹ tó ní bí ó ti rí ni ẹni tí ó yà á ṣe fẹ́ ẹ.