Ẹ Béèrè Bí Ọjọ́ Náà Ṣe Máa Lọ: Ọ̀rọ̀ Fún Àwọn Ọmọ Wa Tí Wọ́n Pè Fún Íńtáfíù

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ wa. A tẹ̀ ẹ́ síbí fún ẹ̀yin tí ẹ kò ráyè wọlé.)



Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí íńtáfíù. Mi ò ní sọ bí èèyàn ṣe ń dáhùn ìbéèrè. Ohun tó ṣáájú ìyẹn ni mo fẹ́ sọ: bí èèyàn ṣe ń bi agbaniṣíṣẹ́ pé báwo ni ọjọ́ náà ṣe máa lọ. Iṣẹ́ olùrànlọ́wọ́ nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn ìjọba Bìrìtéènì, NHS, ni mo máa fi ṣe àpẹẹrẹ, torí àwọn ọmọ wa tó ń béèrè nípa rẹ̀ nínú gúrúùpù pọ̀.

Ìwé ìpè tí wọ́n máa ń fi ránṣẹ́ sábà máa ń kúrú. Déètì, aago, àdírẹ́sì, àwọn ìwé tí ẹ máa mú dání, ó tán. Tí wọ́n bá kọ ọ́ síbẹ̀ pé "íńtáfíù àti àyẹ̀wò," ẹ má rò pé ìjókòó kan ṣoṣo ni. Ó lè jẹ́ pé ìdánwò ìṣirò ló máa kọ́kọ́ wáyé, kí ìjíròrò ẹlẹ́gbẹ́-jẹgbẹ́ tẹ̀ lé e, kí ẹ tó dé iwájú páńẹ́ẹ̀lì rárá. Ibòmíràn wà tó jẹ́ pé ẹni tó bá fìdí rẹmi nínú ìdánwò àárọ̀, ilé ló máa gbà lọ, páńẹ́ẹ̀lì ò ní rí i sójú. Ẹni tó ti fi ọ̀sẹ̀ kan kọ́ ọ̀rọ̀ tó máa bá páńẹ́ẹ̀lì sọ, tí kò mọ̀ pé ìṣirò ló wà lẹ́nu ọ̀nà, ẹ wo àdánù yẹn.

Mo mọ ohun tó ń dá wa dúró. Ilé tí a ti jáde wá, ọmọdé kì í bi àgbà ní ìbéèrè lórí ohun tí àgbà bá pè é fún. Ṣùgbọ́n níbi iṣẹ́ yìí, wọ́n sábà máa ń kọ orúkọ ẹnì kan sínú ìwé ìpè pé òun ni kí ẹ kàn sí tí ohunkóhun bá rú yín lójú. Iṣẹ́ rẹ̀ ni. Ẹ pè é ní orúkọ tó fi buwọ́ lùwé. Ẹ má ṣe kó Sà àti Mà jọ sí orí gbogbo ìlà.

Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ gba àyè yín ná. Ààyè àkókò tí wọ́n gbé sórí Trac tàbí NHS Jobs máa ń kún. Tí ẹ bá ti gbà á tán, ní ọjọ́ yẹn tàbí ọjọ́ kejì, ẹ kọ ímeèlì kan ṣoṣo. Ẹ má fi ìbéèrè ránṣẹ́ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan lójoojúmọ́.

Kí ni ẹ máa béèrè? Ohun mẹ́rin péré. Ìkíní, àwọn ìpele wo ló wà, báwo ni wọ́n ṣe tẹ̀ léra, ìpele wo ló sì lè dá èèyàn padà sílé? Ìkejì, ìdánwò wo ni, ìṣẹ́jú mélòó, ṣé wọ́n gba ẹ̀rọ ìṣirò láyè? Ìkẹta, àwọn mélòó ló wà nínú páńẹ́ẹ̀lì, kí ni ipò iṣẹ́ wọn, ìbéèrè mélòó ni láàárín ìṣẹ́jú mélòó? Ìkẹrin, ṣé mo lè mú ìwé tí mo kọ ọ̀rọ̀ sí dání? Ẹ má béèrè ohun tí ìbéèrè wọn máa jẹ́. Bí ọjọ́ ṣe tò ni ẹ ń béèrè.

Tí ẹ bá ní àìlera, bóyá etí ò gbọ́ràn dáadáa tàbí ìwé kíkà máa ń nira, ẹ sọ ọ́ nínú ímeèlì yẹn kan náà. Òfin Ìdọ́gba ti ọdún 2010 ní Bìrìtéènì mú un ní dandan kí agbaniṣíṣẹ́ ṣe àtúnṣe tó bá bọ́gbọ́n mu fún abirùn, irú bí àfikún àkókò nínú ìdánwò. Òwúrọ̀ ọjọ́ íńtáfíù ti pẹ́ jù láti sọ ọ́.

Ẹ jẹ́ ká mú ọmọbìnrin kan. Ó béèrè ohun mẹ́rin yìí. Èsì tó gbà ni pé: aago mẹ́sàn-án, àyẹ̀wò ìwé. Aago mẹ́sàn-án kọjá ogún ìṣẹ́jú, ìṣirò fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kò sí ẹ̀rọ ìṣirò. Ẹni tó bá yege ló máa tẹ̀ síwájú. Aago mẹ́wàá ààbọ̀, ìjíròrò àwọn mẹ́fà mẹ́fà. Láti aago mọ́kànlá, páńẹ́ẹ̀lì ẹni mẹ́ta, ní ẹnì kọ̀ọ̀kan, títí di aago méjì. Ìbéèrè mẹ́fà ní ìṣẹ́jú 25, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn lórí ìwà tí ilé ìwòsàn náà ń fẹ́.

Ẹ wo ohun tó rí fà yọ. Ó ti gba iṣẹ́ ọ̀sán síbòmíràn lọ́jọ́ yẹn. Ó pààrọ̀ rẹ̀, torí ó lè jẹ́ òun ni wọ́n máa pè gbẹ̀yìn. Ó di oúnjẹ dání. Ó fi ọwọ́ ṣe ìṣirò bí ti ìwé ohun mímu aláìsàn: tíì 200, omi 150, wàrà 125, àpapọ̀ 475 mílílítà. Ní ti páńẹ́ẹ̀lì, ó yọ ìṣẹ́jú mẹ́ta fún ìkíni àti mẹ́rin fún ìbéèrè tirẹ̀, ó ku 18. Mẹ́fà pín in, ìdáhùn kan jẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ìtàn tó fẹ́ sọ nípa aláìsàn kan gba ìṣẹ́jú méje tẹ́lẹ̀. Ó gé e. Ìyẹn ṣe pàtàkì, torí páńẹ́ẹ̀lì sábà máa ń bi gbogbo èèyàn ní ìbéèrè kan náà, wọ́n á sì máa fún ìdáhùn kọ̀ọ̀kan ní máàkì. Ìbéèrè tí ẹ kò ráyè dé, òdo ni. Ó tún lọ sórí ojúlé ilé ìwòsàn náà, ó ka ìwà tí wọ́n kọ síbẹ̀, ó wá ìtàn láti inú iṣẹ́ tirẹ̀ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Nígbà mìíràn, èsì á wá ṣókí: "íńtáfíù àti àyẹ̀wò kékeré ni." Ẹ má bínú. Ó lè jẹ́ pé ọ́fíìsì ìgbanisíṣẹ́ ló dáhùn; wọ́n mọ aago àti yàrá, ṣùgbọ́n ọ̀gá wọ́ọ̀dù ló mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹ béèrè ìbéèrè kan tó ṣe tààrà: "Ṣé ìdánwò ìṣirò wà níbẹ̀, àbí ta ni mo lè bi?" Tí kò bá sí èsì, ẹ pe nọ́ńbà ọ̀gá náà tó wà lára ìkéde iṣẹ́, lẹ́ẹ̀kan.

Ìbéèrè yìí tún máa ń tú àwọn oníjìbìtì fó. Agbaniṣíṣẹ́ tí kò lè sọ ibi tí ìjókòó náà wà, tí kò mọ ipò ẹnikẹ́ni nínú páńẹ́ẹ̀lì, àmọ́ tó mọ iye owó tí ẹ máa san kí wọ́n tó fún yín ní déètì, ẹ sá fún un. Ilé ìwòsàn ìjọba kì í gba owó íńtáfíù lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Tí wọ́n bá ti pè yín, ẹ gbé ìwé ìpè náà wá sínú gúrúùpù, kí ẹ yọ orúkọ àti nọ́ńbà kúrò, a ó jọ kọ ímeèlì náà.