Bí Kotéṣọ̀n Wa Bá Dákẹ́ Lọ́wọ́ Oníbàárà

(Ọ̀rọ̀ tí alákòóso ẹ̀ka àwọn ọ̀dọ́ bá àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ àti oníṣòwò sọ ní ìpàdé wa ní Ṣàngó, Ìlọrin)

 

Wẹ́dà wà láàárín wa, káfíńtà wà, àwọn tó ń to sólà wà, àwọn tó ń se oúnjẹ òde náà wà. Gbogbo wa la máa ń kọ kotéṣọ̀n, ìyẹn ìwé tí a fi ń sọ fún oníbàárà pé iye báyìí ni iṣẹ́ rẹ̀ máa jẹ́. A fi ránṣẹ́ tán, ó di ọjọ́ kẹta, kò sí èsì. Ó di ọjọ́ kẹwàá, kò sí nǹkan kan. Ẹlòmíì á bínú, á jù ú sílẹ̀. Ẹlòmíì á máa pe oníbàárà lẹ́ẹ̀mẹfà láàárọ̀ kan. Méjèèjì ló ń fi iṣẹ́ ṣòfò. Àwọn àgbà wa ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Wọ́n tún ní ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò. Àárín òwe méjèèjì yìí ni ọ̀rọ̀ tòní wà: ká bèèrè, ká sì bèèrè dáadáa.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìdí tí a ò fi lè jókòó máa wòran. Iye tó wà nínú kotéṣọ̀n máa ń gbó bí ẹ̀fọ́. Ẹ rántí oṣù kẹfà ọdún 2023. Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù náà, báǹkì àpapọ̀ ilẹ̀ wa jẹ́ kí ọjà fúnra rẹ̀ máa sọ iye tí dọ́là jẹ́. Lọ́jọ́ kan ṣoṣo, dọ́là kan kúrò ní nǹkan bíi 470 náírà, ó kọjá 660. Ẹni tó ti kọ kotéṣọ̀n bátìrì sólà sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, tí oníbàárà wá sọ pé "ó ti yá" lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ó di kó fi owó ara rẹ̀ kún un, tàbí kó yẹ àdéhùn. Ìdí nìyẹn tí kotéṣọ̀n tó dáa fi gbọ́dọ̀ ní ọjọ́ tí owó rẹ̀ máa dópin, kí ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ gbangba: "Iye yìí dúró títí di ọjọ́ báyìí." Ọjọ́ yẹn máa ràn yín lọ́wọ́ nígbà tí ẹ bá fẹ́ bèèrè. Ẹ ó rí i láìpẹ́.

Kí ẹ tó bèèrè ohunkóhun, ẹ kọ́kọ́ mọ irú ìdákẹ́jẹ́ tó jẹ́. Lórí Wasáàpù, bí máàkì bá jẹ́ ẹyọ kan péré, iṣẹ́ tí ẹ rán kò tíì dé fóònù ẹni náà. Bóyá dátà rẹ̀ ló tán, bóyá ó ti pààrọ̀ láìnì. Bí máàkì bá di méjì, ó ti dé. Bí méjèèjì bá di búlúù, wọ́n ti ṣí i. Ṣùgbọ́n ẹ má fi búlúù tí kò hàn dá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́, torí ẹni tó bá fẹ́ lè pa á nínú sẹ́tíǹsì rẹ̀, kó kà á tán, kí ẹ má mọ̀. Ẹni tó ṣí i náà lè má ṣí fáìlì tí ẹ so mọ́ ọn. Bó bá jẹ́ ímeèlì ni, ó lè ti kó sí àpótí ìdọ̀tí tí ẹnikẹ́ni kì í wò.

Ìdákẹ́jẹ́ kejì ni ti ẹni tó ti rí i, àmọ́ tí kò lágbára láti dáhùn. Ẹni tó gba kotéṣọ̀n lọ́wọ́ yín lè jẹ́ akápò, nígbà tó jẹ́ pé ọ̀gá ló máa sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó sì lè jẹ́ pé wọ́n ṣì ń dúró de ti àwọn ẹlòmíì. Òfin ìjọba àpapọ̀ lórí ríra ọjà àti gbígbé iṣẹ́ jáde, ti ọdún 2007, sọ pé bí wọ́n bá ń béèrè kotéṣọ̀n, kó jẹ́ lọ́wọ́ ó kéré tán ẹni mẹ́ta tí kò bára wọn tan, kí wọ́n wá fi wọ́n wéra. Ọ̀pọ̀ ilé-ìwé àti iléeṣẹ́ aládàáni náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Tiyín lè ti wà lórí tábìlì láti ọjọ́ kìíní, kó jẹ́ pé ti ẹnì kẹta ni kò tíì dé. Bí ẹ bá wá fi ìbínú pè, ẹni tí kò ṣẹ̀ yín lẹ ń bá jà.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká mú iṣẹ́ kan ká tẹ̀ lé e. Ká sọ pé wẹ́dà kan ní Ṣàngó níbí kọ kotéṣọ̀n fún ilé-ìwé aládàáni kan. Tábìlì àti bẹ́ǹṣì onírin fún akẹ́kọ̀ọ́ ni, 40 ni wọ́n fẹ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan ₦45,000, gbogbo rẹ̀ ₦1,800,000. Ó fi ránṣẹ́ ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejì oṣù. Ó kọ ọ́ pé iye náà dúró títí di ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìndínlógún.

Ní ọjọ́ kejì tó fi í ránṣẹ́, ìyẹn Ìṣẹ́gun, kó pe akápò lẹ́ẹ̀kan. Kì í ṣe láti béèrè ìdáhùn o. Kó kàn sọ pé: "Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Mo ní kí n mọ̀ bóyá fáìlì àná ṣí dáadáa lọ́dọ̀ yín. Ta ni ó máa wò ó, ìgbà wo lẹ rò pé wọ́n máa jókòó lé e?" Ìbéèrè kejì yẹn ṣe pàtàkì. Bí wọ́n bá ní "Àlájà máa wò ó ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀," ẹ ti mọ ẹni tó ń pàṣẹ, ẹ sì ti gba ọjọ́ tí ẹ lè padà wá láìjẹ́ pé ẹ ń yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu.

Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ wọlé, kò sí èsì. Kó má kọ "Ẹ káàárọ̀" nìkan kó wá dákẹ́, bí ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣe. Ẹni tó rí "Ẹ káàárọ̀" ò mọ ohun tí ẹ fẹ́, yóò ní òun á dáhùn tó bá yá. Kó má sì kọ "Mi ò tíì gbọ́ látọ̀dọ̀ yín láti ọjọ́ wọ̀nyí," torí ẹ̀bi ni ọ̀rọ̀ yẹn ń dá. Ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejìlá, ọjọ́ mẹ́rin ṣáájú kí owó tó dópin, kó kọ báyìí:

"Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, sà. Ẹ sì kú iṣẹ́ àwọn ọmọ. Lórí kotéṣọ̀n tábìlì 40 tí mo fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ kejì oṣù, mo tún so ó mọ́ ìsàlẹ̀ yìí kó má baà ṣòro láti wá. Iye irin tí mo fi ṣírò rẹ̀ dúró títí di ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìndínlógún. Bí ilé-ìwé bá fẹ́ pín in sí ọ̀nà méjì, a lè ṣe 25 ní báyìí, kí 15 tó kù di tááàmù tó ń bọ̀. Èwo ló máa rọrùn fún yín, sà? Bí ẹ bá sì ṣì ń dúró de ti àwọn ẹlòmíì, ẹ kàn sọ fún mi, kò sí wàhálà."

Ẹ wo ohun tí ìwé yìí ṣe. Ó sọ iṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ ń lọ lé lórí, akápò ò ní láti máa ronú pé ta tún nìyí. Ó gbé fáìlì wá. Ọjọ́ tó ń bọ̀ ló fi ṣe ìdí, kì í ṣe ìbínú. Ó béèrè ohun kan tí ènìyàn lè fi gbólóhùn kan dáhùn. Ó sì jẹ́ kó rọrùn fún ẹni náà láti sọ òótọ́. Ká sọ pé akápò wá dáhùn pé owó 40 kò tíì pé, pé ojú ló ń ti àwọn láti sọ. Iṣẹ́ 25 dìde nìyẹn, ₦1,125,000. Bí àsansílẹ̀ bá jẹ́ ìdá 60 nínú 100, ₦675,000 ni wẹ́dà máa gbà kó tó ra páìpù.

Ẹ kíyè sí i pé kò já owó lulẹ̀. Ó dín iṣẹ́ kù, kò dín iye tábìlì kan kù. Bí ẹ bá fi ìdákẹ́jẹ́ oníbàárà já owó wálẹ̀ láìjẹ́ pé ó ní kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ ti sọ fún un pé iye àkọ́kọ́ kì í ṣe òótọ́. Yóò tún dákẹ́ kó lè rí i bóyá ẹ máa tún já a.

Ẹ mọ àkókò tó yẹ náà. Nílùú wa yìí, ẹni tó bá pe Àlájì ní agogo kan ààbọ̀ ọ̀sán Jímọ̀, ó mọ ohun tó ń wá. Òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé náà kò dáa, iṣẹ́ pọ̀ lọ́rùn ènìyàn. Agogo mẹ́wàá sí méjìlá ní Ìṣẹ́gun, Ọjọ́rú tàbí Ọjọ́bọ̀ rọrùn jù. Ẹ má sì lọ béèrè lórí gúrúùpù tí oníbàárà wà. Ìtìjú nìyẹn, kì í ṣe ìrántí.

Ká wá sọ pé kò dáhùn títí ọjọ́ kẹrìndínlógún fi kọjá. Ẹ kọ ẹyọ kan sí i ní ọjọ́ kejì: "Ẹ káàárọ̀ sà. Iye tó wà nínú kotéṣọ̀n wa dópin lánàá, mo ti gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́. Nígbàkúgbà tí ẹ bá ṣe tán, ẹ pè mí, màá ṣírò tuntun fún yín. Ẹ ṣeun tí ẹ fún wa láyè." Kí ẹ wá dúró níbẹ̀. Ẹni tó gba irú ìwé yìí kò ní máa sá fún yín bí ẹ bá pàdé lọ́jà Ìpàta.

Ohun kan kù. Ẹ má ra irin, ẹ má kó igi, torí ẹ rò pé dídákẹ́ jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1862, ọkùnrin kan ti kọ̀wé sí ọmọ ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò rẹ̀ pé bí òun ò bá tún gbọ́ nǹkan kan, ẹṣin ọmọ náà ti di tòun. Ilé ẹjọ́ ní rárá, ẹni tó dákẹ́ kò tíì gbà. Òfin àdéhùn tiwa ní Nàìjíríà ti inú ti Gẹ̀ẹ́sì jáde, ibẹ̀ náà ni a sì dúró sí. Títí wọn ó fi kọ "a gbà" tàbí tí àsansílẹ̀ fi wọlé, kò tíì sí iṣẹ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó bá ní kotéṣọ̀n tó ti dákẹ́ lọ́wọ́lọ́wọ́, ẹ mú un wá bá mi lẹ́yìn ìpàdé, ká jọ kọ ìbéèrè rẹ̀.