Apẹ̀rẹ̀ Ọjà Tí Kì Í Pààrọ̀

Báwo ni ìjọba ṣe ń mọ bí ọjà ṣe wọ́n sí? Apẹ̀rẹ̀ kan ni wọ́n ń lò. Ohun kan náà, ìwọ̀n kan náà, ló máa ń wà nínú rẹ̀. Owó rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń wò.

Ẹ jẹ́ ká di tiwa. Ìrẹsì kóńgò 5, gàrí kóńgò 10. Ká ní lọ́dún tó kọjá, kóńgò ìrẹsì jẹ́ 2,000 náírà, ti gàrí jẹ́ 1,000. Àpapọ̀ rẹ̀, 20,000. Lọ́dún yìí, ìrẹsì di 4,000, gàrí ò kúrò lójú kan. Apẹ̀rẹ̀ wa ti di 30,000. 10,000 ló gun orí 20,000. Ìdajì nìyẹn, ìdá 50 nínú 100.

Ṣùgbọ́n kí ni ìyá tó ń dáná máa ṣe? Á ra ìrẹsì kóńgò 2 péré, á sọ gàrí di 14. 22,000 ló ná, ìdá 10 nínú 100 péré ló fi ju 20,000 àtẹ̀yìnwá lọ. Apẹ̀rẹ̀ ò mọ̀. Mo tún un sọ: apẹ̀rẹ̀ kì í pààrọ̀, èèyàn ló ń pààrọ̀. Ìdí nìyẹn tí ìṣirò náà fi máa ń ga ju bó ṣe rí lára wa lọ.

Ẹ má wá rò pé ìdá 10 yẹn péré ni ìnira ìyá náà o. Ìrẹsì ṣì ń wu àwọn ọmọ. Òótọ́ wà láàárín méjèèjì.

Bí apẹ̀rẹ̀ bá ṣe ń pẹ́ sí i, bẹ́ẹ̀ ni àṣìṣe yìí ń pọ̀ sí i. Ní 2025 ni àjọ ìṣirò Nàìjíríà tún tiwọn dì, tí wọ́n fi 2024 rọ́pò 2009 gẹ́gẹ́ bí ọdún ìpìlẹ̀. Èyí tuntun náà ti dúró lójú kan, àwa sì ń pààrọ̀ ohun tí à ń rà lọ.