Aṣọ Ẹbí Ojúde Ọba: Ẹ Jẹ́ Ká Ka Ọjọ́ Láti Ẹ̀yìn Wá

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí aṣọ ẹgbẹ́ tí a máa wọ̀ lọ sílé. Ọ̀rọ̀ mi ò ní gùn.

Gbogbo wa la mọ̀ pé ọjọ́ kẹta Iléyá ni Ojúde Ọba. Ní 2024, ó bọ́ sí ọjọ́ 18 oṣù Kẹfà. Ní 2025, ọjọ́ 8 oṣù Kẹfà ni. Oṣù ojú ọ̀run ni Iléyá ń tẹ̀lé, ìdí nìyẹn tó fi máa ń sún síwájú bí ọjọ́ 10 tàbí 11 lọ́dọọdún. Ẹni tó bá fi kàlẹ́ńdà èṣí ṣètò aṣọ, ó ti pàdánù ọ̀sẹ̀ kan ààbọ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀. Ní 2026, à ń retí Iléyá ní nǹkan bí ọjọ́ 27 oṣù Karùn-ún. Ibẹ̀ ni ká ti máa ka ọjọ́ padà sẹ́yìn.

Aṣọ gbọ́dọ̀ kúrò lọ́wọ́ télọ̀ ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú Iléyá, ìyẹn ọjọ́ 20, kí àyè lè wà láti gbé e wò kí wọ́n sì tún un ṣe. Télọ̀ nílò ọ̀sẹ̀ márùn-ún, torí gbogbo ayé ló ń rán aṣọ Iléyá lákòókò kan náà, agbádá sì tún máa tò sórí ìlà lọ́dọ̀ ẹni tó ń fi ẹ̀rọ ṣe ọnà ọrùn. Nítorí náà, ọjọ́ 15 oṣù Kẹrin ni aṣọ ń wọ ṣọ́ọ̀bù télọ̀, kì í ṣe ọjọ́ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ máa rà á.

Ó wá kan owó. Ẹ má fi gbèdéke sí àárín oṣù. Àárín oṣù Kẹta máa bọ́ sí ìparí ààwẹ̀, owó Ìtùnú ló máa wà lọ́kàn èèyàn. Ẹ jẹ́ kó tẹ̀lé owó oṣù: ìdajì kó wọlé ní ọjọ́ 28 oṣù Kejì, ìyókù ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹta. Ẹni tí àláàtì rẹ̀ wọlé nìkan ni orúkọ rẹ̀ ń wọ ìwé. "Mo ń bọ̀ wá san" kì í ṣe owó.

Kí la máa fi ìdajì yẹn ṣe? Òun la máa gbé fún oníléèsì ní Balógun kó fi ya aṣọ wa sọ́tọ̀. Ibí yìí ni ìṣírò ti máa ń dàrú. Ká ní àwa 60 ni, obìnrin 40, ọkùnrin 20. Pííìsì 60 kọ́ la máa rà o. Pííìsì kan, ìyẹn yáàdì 5, tó obìnrin fún ìró àti bùbá. Àmọ́ ẹni tó fẹ́ dá agbádá pẹ̀lú bùbá àti ṣòkòtò máa gba méjì. Tí ọkùnrin 12 bá fẹ́ agbádá, 24 nìyẹn. Àwọn 8 yòókù gba 8. Ó di 72. Ẹ fi 3 lé e fún ẹni tó máa pẹ́ dé, ó di 75.

Ìdí tí 3 yẹn fi ṣe pàtàkì ni pé aró aṣọ kì í bára mu tán láti ìgbà kan sí ìkejì. Ẹ ra 60 lónìí, ẹ padà lọ ra 15 lóṣù tó ń bọ̀, orúkọ àwọ̀ lè jẹ́ ọ̀kan náà, kí ọ̀kan pọ́n ju èkejì lọ. Abẹ́ gílóòbù ṣọ́ọ̀bù kò ní fi hàn yín. Ẹ gbé pííìsì méjì jáde síta sínú oòrùn, ẹ tẹ́ wọn síra. Ká ní pííìsì kan jẹ́ 30,000 náírà, mẹ́ta yẹn jẹ́ 90,000. Ẹ pín in sórí 72, 1,250 ló kan pííìsì kọ̀ọ̀kan. Tí wọ́n bá tà á fún ẹni tó pẹ́, owó yẹn padà sápò ẹgbẹ́.

Ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin ni ká lọ kó o. Ẹ wọ mọ́tò dé Máìlì Tuù, ẹ wọ rélùwéè dé Màrínà, Balógun ò jìnnà mọ́. Ká pín in nípàdé ọjọ́ 11.

Ìkan tó kù: ẹ má kó 60 fún télọ̀ kan. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ yà lọ́dọ̀ télọ̀ yín láìsọ tẹ́lẹ̀. Ẹ má béèrè bóyá ó ti ń rán an, ẹ ní kó fi hàn yín. Tí aṣọ bá ṣì wà ní kíká nínú náílọ́ọ̀nù, kò tíì gé e nìyẹn. Ẹ ṣì ní ọ̀sẹ̀ méjì láti gbé e lọ sí ibòmíràn.