Owó Èlé Tàbí Alábàápín?

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní ọlọ́kọ̀ kan ní dánfó mílíọ̀nù 6 náírà, ó sì ń wá mílíọ̀nù 4 láti ra èkejì. Èrè ọkọ̀ méjèèjì yóò jẹ́ 300,000 lóṣooṣù.

Bó bá yáwó, tó ń san 250,000 lóṣooṣù fún oṣù 24, mílíọ̀nù 6 ló san, ó parí. Ṣùgbọ́n 50,000 péré ló ń kù lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá kọṣẹ́, olówó èlé ò ní dúró. Ó lè gba ọkọ̀.

Bó bá gba alábàápín, ìdá 40 nínú 100 ti lọ. 120,000 ni tirẹ̀ lóṣooṣù. Lẹ́yìn oṣù 50, òun náà ti gba mílíọ̀nù 6, kò sì ní dẹ́kun. Ṣùgbọ́n lóṣù tí kò sí èrè, kò ní gba kọ́bọ̀.

Bí ọkọ̀ bá ti gbó, èmi ò ní yáwó.