Ọ̀sẹ̀ Kan Ṣáájú Ìdánwò Kákúlọ́ọ̀sì: Bí A Ṣe Lè Pín Ọjọ́ Méje

Ọ̀rọ̀ tòní wà fún ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń gbé ní Kòsọ́fẹ́ níhìn-ín, tí ẹ ń ti Kétu àti Ìkòsì lọ sí Yunifásítì Èkó ní Àkọkà, tàbí tí ẹ ń wọ BRT láti Máìlì 12 lọ sí Ìkòròdú. Ìdánwò kákúlọ́ọ̀sì ku ọjọ́ méje. Ẹni tó bá fìdí rẹmi níbẹ̀ máa gbé e ní kárí-óófà, á padà wá jókòó ti àwọn àbúrò rẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀.

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń fìdí rẹmi ló mọ fọ́múlà. Ohun tó ń dá wọn dúró ni pé wọn ò mọ èyí tí wọn yóò lò. Nínú ìwé, àkọlé orí ti sọ fún yín pé òfin báyìí ni kí ẹ lò fún gbogbo ìbéèrè tó wà lábẹ́ rẹ̀. Nínú gbọ̀ngàn ìdánwò, kò sí àkọlé. Nítorí náà, bí yíyàn bá ṣe pọ̀ tó nínú apá kan ni kí ọjọ́ tí ẹ fún un ṣe pọ̀ tó. Ẹ fi ọjọ́ kan fún límíìtì, ọjọ́ kan fún dẹrifétíìfù, ọjọ́ méjì fún íńtígírà, ọjọ́ méjì fún síríìsì, kí ọjọ́ Àìkú wà fún ìdánwò àdánrawò. Bí síríìsì kò bá sí nínú kọ́ọ̀sì yín, nítorí ibòmíràn ọdún kejì ni wọ́n fi í sí, ẹ fi ọjọ́ rẹ̀ kún ti íńtígírà.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, kí ẹ tó ṣí ìwé kankan, ẹ jókòó ti ìbéèrè ìdánwò ọdún kan tó ti kọjá, kí ẹ fi aago sẹ́gbẹ̀ẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ pín àṣìṣe yín sí mẹ́ta: ibi tí ẹ kò ti mọ òfin, ibi tí ẹ ti mọ òfin ṣùgbọ́n tí ẹ kò mọ̀ pé òun ló kàn, àti ibi tí ìṣirò lásán ti yẹ̀. Èyí tó wà láàárín yẹn ni ẹ óò máa tọ́jú jù jálẹ̀ ọ̀sẹ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ Ajé jẹ́ ti límíìtì. Ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ kì í yí padà: ẹ fi nọ́ńbà náà sípò x, kí ẹ wo ohun tó jáde. Bí x bá ń sún mọ́ 2 nínú (x² − 4)/(x − 2), 0/0 ló jáde. Ìyẹn kì í ṣe ìdáhùn. Ó ń sọ fún yín pé iṣẹ́ ṣì kù. Ẹ tú òkè sí (x − 2)(x + 2), kí ẹ pa (x − 2) rẹ́, ó ku x + 2, ìdáhùn sì di 4. Àwọn kan a máa sáré lọ bá òfin Lopítàl, tó ní kí a wá dẹrifétíìfù òkè àti ti ìsàlẹ̀. Òfin yẹn kò ṣiṣẹ́ àfi bí 0/0 tàbí ∞/∞ bá jáde. Ẹ wo (x + 3)/(x + 1) bí x bá ń sún mọ́ 1. Ẹ fi 1 sí i, 4/2 ni, ìyẹn 2, ó parí. Ẹni tó bá lo Lopítàl níbẹ̀ máa rí 1, ó sì ti kùnà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ti dẹrifétíìfù. Níbí, òfin wà fún ohun gbogbo, àgbékọ́ lásán ló kù. Èyí tó ń jábọ́ jù ni òfin ṣéènì, fún fọ́ńṣọ̀n tó wà nínú fọ́ńṣọ̀n mìíràn. Dẹrifétíìfù sin(x²) ni 2x·cos(x²). 2x yẹn ni àwọn èèyàn máa ń gbàgbé. Ẹ mú un dání dáadáa, nítorí lọ́la a óò tún lò ó.

Ọjọ́rú àti Ọjọ́bọ̀ ni ti íńtígírà, ibẹ̀ sì ni yíyàn ti le. Ẹ gbé méjì yìí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn: ∫ 2x·e^(x²) dx àti ∫ x·e^x dx. Wọ́n jọra bí ìbejì, ọ̀nà wọn yàtọ̀. Nínú ti àkọ́kọ́, ẹ wo inú: x² wà lókè e, dẹrifétíìfù rẹ̀, 2x, sì ti dúró síta. Òfin ṣéènì ni, tí a yí padà sẹ́yìn. Ẹ fi u rọ́pò x², ìdáhùn ni e^(x²) + C. Nínú ti èkejì, kò sí irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Fọ́ńṣọ̀n méjì tí kò bára tan ló di ìlọ́po ara wọn, nítorí náà ẹ lo ∫ u dv = uv − ∫ v du. Ẹ fi x ṣe u, torí pé bí a bá wá dẹrifétíìfù rẹ̀, 1 ló kù, wàhálà sì dín. Ìdáhùn ni x·e^x − e^x + C. Ẹ lè yẹ ara yín wò nígbàkigbà: ẹ wá dẹrifétíìfù ìdáhùn náà. Yóò fún yín ní e^x + x·e^x − e^x, ìyẹn x·e^x tí a bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Bí kò bá padà síbẹ̀, ẹ ti ṣìnà.

Ọjọ́ Ẹtì àti Àbámẹ́ta ni ti síríìsì. Ìbéèrè kan náà ló máa ń wá: bí a bá ń ro àwọn nọ́ńbà yìí pọ̀ láìdúró, ṣé àròpọ̀ wọn máa fìdí kalẹ̀ sórí nọ́ńbà kan? Bí ìyá kan ní ọjà Máìlì 12 bá ta ìdajì apẹ̀rẹ̀ tòmátò, tó tún ta ìdajì èyí tó kù, tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ lọ, 1/2 + 1/4 + 1/8 kò lè kọjá apẹ̀rẹ̀ kan láé. Ó fìdí kalẹ̀ sórí 1. Ṣùgbọ́n 1 + 1/2 + 1/3 + 1/4 tó ń bá a lọ kò fìdí kalẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé nọ́ńbà inú rẹ̀ ń kéré sí i: 1/3 àti 1/4 pọ̀ ju 1/2 lọ, 1/5 títí dé 1/8 náà pọ̀ ju 1/2 lọ, bẹ́ẹ̀ ni yóò sì máa rí.

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá nọ́ńbà náà ń lọ sí 0. Bí kò bá lọ, kò fìdí kalẹ̀, ó parí. Bó bá lọ, ẹ kò tíì mọ nǹkan kan. Bí ẹ bá rí 2^n tàbí n!, ẹ fi nọ́ńbà tó wà níwájú pín èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Fún n/2^n, ó di (n + 1)/(2n), tó ń lọ sí 1/2. Ó kéré sí 1, ó fìdí kalẹ̀. Bí ẹ bá ṣe é fún 1/n², 1 gan-an ló jáde, ìdánwò náà kò sì sọ nǹkan kan. Irú èyí, ẹ wo agbára n nìkan: 1/n^p fìdí kalẹ̀ bí p bá ju 1 lọ.

Ẹ̀yin tí gosíló ojú ọ̀nà Ìkòròdú ń jẹ wákàtí yín, ẹ kò lè kọ̀wé nínú ọkọ̀, ṣùgbọ́n ẹ lè yan ọ̀nà. Ẹ kọ ìbéèrè kan sí iwájú páálí kékeré, kí ẹ kọ orúkọ ọ̀nà rẹ̀ àti àmì tó tú u fó sí ẹ̀yìn. Ẹ pò wọ́n pọ̀, láìtò wọ́n ní orí-orí. Ẹ má ṣe ìṣirò rárá. Ẹ sọ ọ̀nà, ẹ yí páálí, ó kan òmíràn.

Lọ́jọ́ Àìkú, ẹ ṣe ìbéèrè ọdún mìíràn pẹ̀lú aago, kí ẹ tún pín àṣìṣe sí mẹ́ta. Bí ti àárín bá ti dín sí ti ọjọ́ Ajé, ètò náà ti ṣiṣẹ́. Bí kò bá dín, àwọn páálí yẹn ni kí ẹ padà sí, kì í ṣe ìwé. Ẹ wo kakulétọ̀ yín pé RAD ló wà lójú rẹ̀, kì í ṣe DEG, torí pé òfin dẹrifétíìfù sin x kò bá DEG mu. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, ẹ pa ìwé dé, ẹ lọ sùn.