Kí Ogún Tó Di Pínpín: Owó Orí Tí Ó Wà Lórí Ohun Ìní Olóògbé



Nígbà tí onílé bá kú, ohun tí ẹbí máa ń kọ́kọ́ bèèrè ni pé ta ni yóò jogún kí ni. Ìbéèrè kan wà tí ó yẹ kí ó ṣáájú ìyẹn: kí ni olóògbé jẹ ìjọba, ta ni yóò sì san án? Ẹbí tí kò bá bèèrè rẹ̀ lákòókò máa ń rí ìdáhùn rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ti pín ogún tán, tí owó kò sí nílẹ̀ mọ́, tí oníkálukú sì ń sọ pé gbèsè náà kò kan òun. Ibẹ̀ ni ìjà ẹbí ti máa ń bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí ó yẹ kí ó kọ́kọ́ yé gbogbo ènìyàn ni pé kò sí owó orí tí à ń san nítorí pé ènìyàn kú ní Nàìjíríà. Ní ọdún 1979 ni ìjọba àpapọ̀ gbé òfin kan kalẹ̀ tí ó fi owó orí lé ohun ìní tí ó bá bọ́ lọ́wọ́ ẹnì kan sí ọwọ́ ẹlòmíràn, ogún sì wà lára rẹ̀. Ní ọdún 1996 ni wọ́n fagi lé òfin náà. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá wá sí ilé ọ̀fọ̀ tí ó ní kí wọ́n san owó orí ogún fún òun kí wọ́n tó lè fọwọ́ kan ilé bàbá wọn, kí ẹbí má ṣe dá a lóhùn. Owó kan wà tí ilé ẹjọ́ gíga máa ń gbà kí ó tó fún ẹbí ní ìwé àṣẹ láti ṣe àkóso ogún. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni ó ń pinnu iye tirẹ̀, ó sì máa ń bá iye ohun ìní tí ẹbí kọ sílẹ̀ lọ. Owó iṣẹ́ kóòtù ni èyí, kì í ṣe owó orí. Àpò ìjọba ni à ń san án sí, a sì gbọ́dọ̀ gba rísíìtì rẹ̀.

Ṣùgbọ́n bí ikú kò tilẹ̀ mú owó orí tuntun wá, kì í pa èyí tí ó ti wà nílẹ̀ rẹ́. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí iná bá kú, a fi eérú bojú. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Lójú òfin, àwọn tí ó rọ́pò olóògbé ni àwọn alákòóso ogún: àwọn tí olóògbé yàn nínú ìwé ìhágún rẹ̀, tàbí àwọn tí kóòtù fún ní ìwé àṣẹ bí kò bá sí ìwé ìhágún. Àwọn ni yóò kó ohun ìní jọ, àwọn ni yóò san gbèsè, owó orí sì jẹ́ ọ̀kan nínú gbèsè náà. Lẹ́yìn èyí ni pípín tó kàn. Alákòóso tí ó bá pín ogún tán kí ó tó san gbèsè lè di ẹni tí yóò fi owó ara rẹ̀ san án.

Àpẹẹrẹ kan yóò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà yé ni yékéyéké. Kí a sọ pé bàbá kan, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, fi ìlú Jos ṣe ibùgbé, bí ọ̀pọ̀ oníṣòwò ìlú rẹ̀ ti ṣe ṣáájú rẹ̀. Ó ní ṣọ́ọ̀bù mẹ́rin ní Jos, tí àwọn ayálégbé ń san ₦75,000 lóṣù lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ní ilẹ̀ òfìfo kan ní Jos bákan náà, ó sì ní ilé kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ tí kò fi háyà. Owó ṣọ́ọ̀bù nìkan ni ó ń wọlé fún un. Ó kú ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà ọdún 2026. Ó fi ìyàwó kan àti ọmọ mẹ́rin sílẹ̀: ọ̀kan ní Jos, ọ̀kan ní Ìbàdàn, ọ̀kan ní Ìlọrin, ọ̀kan ní Èkó. Kóòtù fún ìyàwó àti àkọ́bí ní ìwé àṣẹ ní oṣù Kejìlá, wọ́n sì pín ogún ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2027.

Owó ṣọ́ọ̀bù yìí ni kókó ọ̀rọ̀ náà. Ọ̀nà mẹ́ta ni ó pín sí, ẹni tí ó ni ín ní ọ̀nà kọ̀ọ̀kan sì yàtọ̀.

Ọ̀nà kìíní ni owó tí ó wọlé kí bàbá tó kú. Láti oṣù Kìíní dé oṣù Kẹfà, ₦300,000 lóṣù, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦1,800,000. Bàbá ti ná ₦200,000 lórí àtúnṣe òrùlé, rísíìtì rẹ̀ sì wà, nítorí náà ₦1,600,000 ni ó kù. Òfin owó orí tuntun tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù Kìíní ọdún 2026 kò gba kọ́bọ̀ lórí ₦800,000 àkọ́kọ́ tí ó bá wọlé fún ènìyàn lọ́dún. Ó sì ń gba ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún lórí ₦2,200,000 tí ó tẹ̀ lé e. Lórí ₦800,000 tí ó ṣẹ́ kù, owó orí bàbá jẹ́ ₦120,000. Olóògbé ni ó jẹ gbèsè yìí, inú ohun ìní rẹ̀ ni wọn yóò ti san án. Ìpínlẹ̀ Plateau ni wọn yóò san án fún, nítorí pé ibi tí ènìyàn ń gbé ni ó ń san owó orí ohun tí ń wọlé fún un sí, kì í ṣe ìlú baba rẹ̀.

Nígbà tí àwọn alákòóso kọ ìwé sí ilé iṣẹ́ owó orí ìpínlẹ̀, tí wọ́n fi ìwé ẹ̀rí ikú àti ìwé àṣẹ kóòtù mọ́ ọn, tí wọ́n sì bèèrè gbogbo ohun tí bàbá jẹ, wọ́n rí i pé ₦180,000 ti ọdún 2025 ṣì wà nílẹ̀. Ní ilé iṣẹ́ ilẹ̀, owó ilẹ̀ ọdọọdún ti ọdún méjì, ₦50,000, wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Owó ilẹ̀ yìí kì í ṣe ohun àfojúfò: ẹni tí ó gba ìwé ẹ̀rí onílẹ̀ lábẹ́ òfin lílo ilẹ̀ ti ọdún 1978 ti gbà láti máa san án, àìsan rẹ̀ sì lè jẹ́ kí ìjọba gba ilẹ̀ náà padà. Àpapọ̀ gbèsè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ́ ₦350,000. Owó tí bàbá fi sílẹ̀ ní báńkì jẹ́ ₦2,350,000. Nítorí náà, ₦2,000,000 ni ẹbí ní láti pín nínú owó báńkì. Bí wọ́n bá ti pín gbogbo rẹ̀ ní ọjọ́ kẹjọ òkú, ibo ni ₦350,000 ìbá ti wá?

Ọ̀nà kejì ni owó tí ó wọlé láti oṣù Keje dé oṣù Kejìlá, lẹ́yìn ikú ṣùgbọ́n ṣáájú pípín. Òun náà jẹ́ ₦1,800,000. Bàbá kọ́ ni ó ni ín mọ́, kò sì tíì di ti ọmọ kankan. Ogún fúnra rẹ̀ ni ó ni ín, àwọn alákòóso ni yóò sì jíhìn rẹ̀ ní orúkọ ogún náà. Ibí yìí ni àṣìṣe ti wọ́pọ̀ jù. Àkọ́bí á sọ fún àwọn ayálégbé pé kí wọ́n máa fi owó ránṣẹ́ sínú àkáǹtì òun. Ó lè máa fi owó náà tọ́jú ìyá, kí ó má sì jẹ kọ́bọ̀ nínú rẹ̀. Síbẹ̀, ohun tí yóò hàn nínú ìwé báńkì ni pé òun nìkan ni ₦1,800,000 wọlé fún. Òun ni ilé iṣẹ́ owó orí yóò bi léèrè, òun náà sì ni àwọn àbúrò rẹ̀ yóò fura sí. Ohun tí ó dára ni kí wọ́n ṣí àkáǹtì kan ní orúkọ ogún ní kété tí ìwé àṣẹ bá ti jáde, kí gbogbo owó ṣọ́ọ̀bù máa wọ ibẹ̀, kí wọ́n sì ní ìwé kan tí wọ́n ń kọ gbogbo ohun tí ó wọlé àti ohun tí ó jáde sí.

Nígbà tí ó bá fi máa di ọjọ́ 31 oṣù Kẹta ọdún 2027, àkọsílẹ̀ méjì ni àwọn alákòóso gbọ́dọ̀ ti mú lọ sí ilé iṣẹ́ owó orí lórí ọdún 2026: ọ̀kan fún bàbá títí di ọjọ́ ikú rẹ̀, ọ̀kan fún ogún láti ọjọ́ kejì. Ẹni tí ó bá da méjèèjì pọ̀ ń sọ owó ẹni méjì di ti ẹnì kan, ìṣirò náà kò sì ní tọ̀nà.

Ọ̀nà kẹta bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn pípín. Ọmọ kọ̀ọ̀kan gba ṣọ́ọ̀bù kan, tí ₦900,000 ń wọlé lórí rẹ̀ lọ́dún. Gbígbà tí wọ́n gbà á kò ní owó orí nínú, nítorí pé pípín ogún kì í ṣe títà. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà lọ, owó ṣọ́ọ̀bù ti di owó ọmọ. Èyí tí ń gbé Ìbàdàn yóò kà á mọ́ ohun tí ń wọlé fún un, yóò sì jíhìn rẹ̀ fún ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Jos ni ṣọ́ọ̀bù wà. Bí ó bá jẹ́ òṣìṣẹ́ oṣù, kí ó má ṣe wí pé wọ́n ti ń yọ owó orí nínú owó oṣù òun. Owó iṣẹ́ rẹ̀ nìkan ni agbanisíṣẹ́ mọ̀. Kò mọ̀ nípa ṣọ́ọ̀bù. Ilé Ògbómọ̀ṣọ́ ńkọ́? Ìyá ń gbé inú rẹ̀, kò sí owó tí ń wọlé lórí rẹ̀, nítorí náà kò sí owó orí lórí ohun tí kò wọlé. Ṣùgbọ́n bí ìjọba ìbílẹ̀ bá ní owó tí ó ń gbà lórí ilé, ó kù sọ́rùn ẹbí, kí wọ́n sì yan ẹni tí yóò máa san án.

Ó ku ilẹ̀ òfìfo. Àwọn ọmọ fẹ́ tà á kí wọ́n lè pín owó rẹ̀. Títà ni èyí, owó orí sì wà lórí èrè rẹ̀. Bàbá rà á ní ₦1,500,000. Wọ́n rí oníbàárà tí yóò san ₦6,000,000. Owó lọ́yà àti ti aṣojú jẹ́ ₦500,000. Èrè tí wọn yóò jíhìn jẹ́ ₦4,000,000, kì í ṣe ₦6,000,000. Títí di ìparí ọdún 2025, ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ni ìjọba ń gbà lórí irú èrè bẹ́ẹ̀. Láti ọdún 2026, wọ́n ń kà á mọ́ ohun mìíràn tí ó wọlé fún ẹni tí ó tà á lọ́dún náà ni. Nítorí náà, kí wọ́n ya owó orí sọ́tọ̀ ní ọjọ́ tí oníbàárà bá sanwó, kí wọ́n tó pín ìyókù. Ìwé tí bàbá fi ra ilẹ̀ náà sì ṣe pàtàkì gidigidi: bí ó bá sọnù, kò ní rọrùn fún wọn láti fi hàn pé ₦1,500,000 ti jáde lọ́wọ́ bàbá.

Ní ọjọ́ tí ẹgbẹ́ bá lọ kí ẹbí onílé kan, kí àwọn àgbà ẹgbẹ́ bèèrè ohun mẹ́ta lọ́wọ́ wọn: níbo ni ìwé ilẹ̀ àti rísíìtì olóògbé wà, ta ni ń gba owó ilé láti ọjọ́ tí ó ti kú, àkáǹtì wo ni ó sì ń wọ̀, ǹjẹ́ ilé iṣẹ́ owó orí àti ilé iṣẹ́ ilẹ̀ ti kọ iye gbèsè sílẹ̀ fún wọn? Bí ìdáhùn kẹta bá jẹ́ rárá, kò tíì tó àkókò láti pín ogún náà.